Oṣù 139 nínú 182: àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ kan ní Ìbàdàn

Bàbá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ yìí fẹ̀yìntì ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2024, nígbà tó pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà ní Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́ láti ọdún 1998. Ìdí ẹ̀rọ ló wà, òun sì ni olórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kó tó kúrò. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá òun tàbí ilé-iṣẹ́ náà mọ̀, ṣùgbọ́n bí ìṣirò rẹ̀ ṣe lọ ni mo ṣe kọ ọ́. Akọ̀wé owó oṣù ni mo jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irú àwọn ìwé báyìí fi máa ń dé ọwọ́ mi.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ wá. Bàbá gbé fọ́ọ̀mù kan dání tí alámòójútó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún un. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé owó tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ jẹ́ ₦1,043,000, pé owó náà kéré ju ohun tí wọ́n lè máa fi san owó oṣooṣù fún un, àti pé kó fọwọ́ sí i kí wọ́n san gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà.

Inú Bàbá dùn, kò sì pa á mọ́. Ó ní òun ò tíì fi ojú rí mílíọ̀nù kan rí láyé òun. Ìyàwó rẹ̀ ló yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó dáadáa. Tí wọ́n bá ti san án tán báyìí, ṣé pẹ́ńṣàn ò sí mọ́ nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí mọ́. Ó ní, "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n fi ń yọ owó lórí owó oṣù yín, ibo ló wá lọ?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìwé náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí Màmá sọ, nítorí pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi yọ owó. Ọdún 2004 ni òfin tó sọ pé kí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ máa dá owó sínú àkáǹtì tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ jáde. Oṣù keje ọdún 2009 ni ilé-iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a. Ọdún márùn-ún ti lọ bẹ́ẹ̀.

Kí òfin yẹn tó dé, àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF ló ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ ṣáájú ọdún 2004 ni kò rántí pé òun ní owó níbẹ̀. Nígbà tí òfin yí padà, alámòójútó kan tí wọ́n ń pè ní Trustfund ni wọ́n kó owó àtijọ́ yẹn fún láti máa tọ́jú, ẹni tó bá ní nọ́ńbà NSITF sì lè ní kí wọ́n gbé e wá sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Nọ́ńbà Bàbá wà lórí ìwé owó oṣù kan ti ọdún 2001 tí Màmá fi pamọ́ sínú Bíbélì. Nígbà tí wọ́n rí owó náà, pẹ̀lú èrè tó ti wà lórí rẹ̀, ó jẹ́ ₦21,000. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n tiwọn ni. Àkáǹtì náà wá di ₦1,064,000.

Ìgbà tó kù ni a wá gbé kalẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ oṣù. Láti oṣù keje 2009 títí di oṣù kẹfà 2014, oṣù 60, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni òṣìṣẹ́ ń dá, tí agbanisíṣẹ́ náà sì ń dá iye kan náà. Owó tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò fún Bàbá nígbà náà jẹ́ ₦16,000, nítorí náà ₦2,400 ló ń wọlé lóṣù. Gbogbo oṣù 60 náà ló wọlé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦144,000.

Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tuntun. Ìdá 8 di ti òṣìṣẹ́, ìdá 10 ni ti agbanisíṣẹ́, ó di 18 papọ̀. Owó tí wọ́n fi ń ṣírò fún Bàbá ti di ₦24,000, ìyẹn ni ₦4,320 lóṣù. Láti ìgbà náà títí di oṣù kẹfà 2019, oṣù 60 míràn, oṣù 38 péré ló wọlé. Láti oṣù keje 2019 títí tó fi fẹ̀yìntì, oṣù 62, owó ìṣirò rẹ̀ jẹ́ ₦32,000, tó mú ₦5,760 wá lóṣù. Oṣù 41 ló wọlé níbẹ̀.

Tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, nínú oṣù 182 tó yẹ kí wọ́n dá owó, oṣù 139 ni wọ́n dá. Owó tó wọlé láti ọwọ́ òun àti ilé-iṣẹ́ jẹ́ ₦544,320. Ohun tó kù nínú ₦1,043,000, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, èrè ni. Mo tẹnu mọ́ ọn fún Bàbá, nítorí pé ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé alámòójútó ló jẹ owó òun. Alámòójútó ò jẹ ẹ́. Owó tó dé ọwọ́ wọn ni kò tó nǹkan.

Bí a ṣe mọ̀ pé oṣù 43 sọnù kò ṣòro rárá, àti pé ẹnikẹ́ni lè ṣe é fún ara rẹ̀. Ìwé àkáǹtì tí alámòójútó ń fi ránṣẹ́ máa ń kọ oṣù tí owó kọ̀ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. A tẹ́ ìyẹn sílẹ̀, a tẹ́ àwọn ìwé owó oṣù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì ń fi pẹ́ńsù kọjá lórí oṣù tó bá bára mu. Oṣù tí ìwé owó oṣù fi hàn pé wọ́n yọ ìdá 8 ti Bàbá, ṣùgbọ́n tí kò sí nínú ìwé àkáǹtì, gbèsè ni. Nínú oṣù 43 yìí, kò sí ẹyọ kan tí wọn ò yọ owó Bàbá. Òfin sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fi owó náà ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tó bá ti san owó oṣù. Ìyẹn ni pé ilé-iṣẹ́ náà yọ ọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ó sì fi ṣe nǹkan mìíràn. Mo mọ àwọn oníṣòwò tó máa ń sọ pé ọjà ló le lásìkò náà, àti pé owó gáàsì fún jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdá 8 yẹn kì í ṣe owó wọn.

Ohun kejì tó dín owó náà kù kò rú òfin, òun ló sì burú jù lójú tèmi. Ní ọdún 2020, Bàbá ń mú ₦45,000 lọ sílé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, ₦32,000 péré ni owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Ìyókù jẹ́ owó oúnjẹ, owó iṣẹ́ alẹ́ àti ohun kan tí wọ́n pè ní owó ìyọ́nú. Òfin ní kí wọ́n má fi ohun tó kéré ju àpapọ̀ owó iṣẹ́, owó ilé àti owó ọkọ̀ ṣe ìṣirò, nítorí náà ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ dá owó kékeré yóò kó ìyókù sí abẹ́ orúkọ mìíràn. Tó bá jẹ́ ₦45,000 ni wọ́n fi ṣírò, ₦8,100 ni ìbá máa wọlé lóṣù dípò ₦5,760. Bàbá fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ìlànà yẹn nígbà tí wọ́n gbé e wá, nítorí pé owó tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀ náà dínkù. Ó ní, "Ohun tí mo rí lọ́wọ́ nígbà yẹn ni mo mọ̀."

Ó wá ku ìdí tí wọ́n fi sọ pé ₦1,064,000 kéré jù.

Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ̀yìntì lábẹ́ ètò yìí ní ọ̀nà méjì láti gba owó rẹ̀. Ó lè jẹ́ kí alámòójútó máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀ àti iye ọdún tí wọ́n rò pé ó ṣì máa lò láyé, tàbí kó fi ra ìwé adójútòfò tí yóò máa san owó fún un títí ọjọ́ ikú. Kí wọ́n tó gbà fún un láti mú èyíkéyìí, wọn yóò wo bóyá owó inú àkáǹtì náà lè mú owó oṣooṣù wá tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù tó kéré jù lọ nílẹ̀ yìí. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbà kí ó kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦550,000 ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò owó ìfẹ̀yìntì, fi ṣe ààlà: ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbà á tán. Ààlà yẹn bá ìgbà tí owó oṣù tó kéré jù jẹ́ ₦18,000 mu, nígbà tí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ₦6,000.

Mo fi ìṣirò tèmi gbé owó Bàbá yẹ̀ wò. Àwòṣe PenCom ní tàbìlì ọjọ́ orí tirẹ̀, nítorí náà iye tí wọn yóò rí lè yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n kò ní jìnnà. Mo gbà pé yóò gba owó náà fún ọdún 15, àti pé èyí tó bá kù nínú àkáǹtì yóò máa mú èrè ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún wá lọ́dún. ₦1,043,000 tó wà nínú fọ́ọ̀mù yóò fún un ní nǹkan bí ₦10,580 lóṣù.

Ẹ wá wo ọjọ́ tó fẹ̀yìntì. Ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó gbé owó oṣù tó kéré jù láti ₦30,000 lọ sí ₦70,000. Nígbà tó wà ní ₦30,000, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ₦10,000, ₦10,580 Bàbá ìbá sì kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ló fi kọjá. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ìdá kan nínú mẹ́ta di ₦23,333. Láti dé ibẹ̀, àkáǹtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà, ìyẹn ₦2,300,000. Oṣù kan péré ló wà láàárín òfin yẹn àti ọjọ́ tó fẹ̀yìntì.

Kò sí ẹni tó fi èrò ibi ṣe é. Ẹni tó ṣe ìlànà ìdá kan nínú mẹ́ta fẹ́ kí owó tí wọ́n ń san fún arúgbó ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìlànà náà ń ṣe ni pé, bí owó oṣù tó kéré jù ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tí wọ́n ń yọ kúrò nínú pẹ́ńṣàn ń pọ̀ sí i, nítorí pé owó oṣù ti àná ni wọ́n fi dá owó, ti òní ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń dá ₦2,400 lóṣù ní ọdún 2010 kò lè padà lọ dá a sí i.

Màmá ló tún béèrè ohun tó yẹ kí n ti sọ ṣáájú: "Ṣé ìjọba ò ní nǹkan tí wọ́n ń fi kún un fún ẹni tí tirẹ̀ bá kéré ni?"

Ó wà nínú òfin. Òfin ọdún 2004 ti sọ ọ́, ti ọdún 2014 sì tún un sọ ní abala 84: gbogbo ẹni tó ní àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, tó sì ti dá owó fún iye ọdún kan, ní ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì tí kò gbọ́dọ̀ kéré ju iye tí PenCom bá fi lélẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Abala 82 dá àpò owó kan sílẹ̀ tí wọ́n máa fi san án. Ìjọba àpapọ̀ ni yóò máa fi ohun tó tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́dọọdún, PenCom fúnra rẹ̀ àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí yóò sì máa dá owó kún un.

Ohun méjì ni abala 84 fi sílẹ̀ láìsọ, àwọn méjèèjì ló sì ká Bàbá mọ́. Kò sọ iye náírà. Kò sì sọ iye ọdún tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ti dá owó. Títí tí Bàbá fi fẹ̀yìntì ní ọdún 2024, ogún ọdún lẹ́yìn òfin àkọ́kọ́, kò sí ẹnì kan tó tíì gba kọ́bọ̀ lábẹ́ ìlérí yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni Ààrẹ Tinúbú pàṣẹ fún PenCom pé kí wọ́n mú un ṣẹ fún àwọn tí owó wọn kéré. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Bàbá gba fọ́ọ̀mù, ohun tó wà nílẹ̀ fún ẹni bíi tirẹ̀ ni kó gbà á tán, kó máa lọ.

Ọ̀rọ̀ iye ọdún yẹn ló ń dùn mí jù. Ilẹ̀ Ṣílè, níbi tí a ti rí àwòṣe ètò oní-àkáǹtì-kọ̀ọ̀kan yìí, ti gba ọ̀nà náà kọjá. Tẹ́lẹ̀, kí òṣìṣẹ́ níbẹ̀ tó lè rí ìrànwọ́ ìjọba tí yóò gbé owó rẹ̀ dé iye tó kéré jù, ó gbọ́dọ̀ ti dá owó fún ogún ọdún, oṣù 240. Àwọn tí ìrànwọ́ náà wà fún gan-an, àwọn alágbàṣe, àwọn obìnrin tó dúró ní àárín láti tọ́mọ, àwọn tí agbanisíṣẹ́ wọn kì í fi owó ránṣẹ́, àwọn gan-an ni kò lè kó oṣù 240 jọ. Ní ọdún 2008, nígbà ìjọba Michelle Bachelet, wọ́n pa ìlànà yẹn rẹ́. Wọ́n fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀ tí kò ka oṣù mọ́: lábẹ́ ètò ọdún 2008 yẹn, ẹni tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì rárá nínú àwọn tálákà ń gba iye kan, ẹni tó ní díẹ̀ ń gba àfikún, àfikún náà sì ń dínkù díẹ̀díẹ̀ bí tirẹ̀ ṣe ń pọ̀. Kò sí ibi kan tí ènìyàn yóò ti já sí kòtò nítorí pé owó kékeré péré ló fi yẹ̀ é.

Tí PenCom bá wá kọ ogún ọdún sílẹ̀ níbí, Bàbá ti jáde nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọdún 15, tí í ṣe oṣù 180, oṣù 182 ló fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò náà, ó kọjá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ oṣù tí owó wọlé nìkan ni wọ́n kà, 139 ló ní, ọdún 11 àti oṣù méje. Ilé-iṣẹ́ tó fi owó rẹ̀ ṣe gáàsì yóò wá tún gba ìrànwọ́ ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlànà tó bá tẹ́ mi lọ́rùn ni èyí tó bá ka oṣù tí ìwé owó oṣù fi hàn pé wọ́n yọ owó, kí ìjọba sì lọ lépa agbanisíṣẹ́ fún èyí tí kò wọlé.

Ìyẹn mú wa padà sórí oṣù 43. Ó kéré tán, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni òfin fi ṣe ìtanràn fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí owó bá fi pẹ́, nínú àpapọ̀ owó tí kò wọlé, ìtanràn náà sì jẹ́ ti àkáǹtì òṣìṣẹ́, kì í ṣe ti ìjọba. Oṣù 22 ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦95,040. Ó ti tó ọdún méje àtààbọ̀ ní ìpíndọ́gba, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ₦171,000. Oṣù 21 ti ìkejì jẹ́ ₦120,960, pẹ̀lú ìtanràn ọdún mẹ́rin, nǹkan bí ₦116,000. Gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní ₦503,000.

Bàbá fò dìde. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, pé tí ilé-iṣẹ́ bá san èyí, pẹ́ńṣàn yóò wọlé. Mo ní kó jókòó. Mo fi ₦503,000 kún ₦1,064,000, ó di ₦1,567,000. Mo tún un ṣírò. ₦15,900 lóṣù. Ó ṣì kù ju ₦7,400 lọ kó tó dé ₦23,333.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí mo fi ìṣirò yìí hàn lẹ́yìn náà kì í fẹ́ gbà. Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń fẹ́ gbọ́ ni pé ẹnì kan jalè, pé tí wọ́n bá mú olè náà, ó tán. Nínú ìwé yìí, ẹnì kan ti jẹ gbèsè lóòótọ́, ó sì yẹ kó san án. Ṣùgbọ́n bí gbogbo oṣù bá tiẹ̀ wọlé lásìkò rẹ̀ láìsí ìtanràn rárá, owó oṣù tí Bàbá ń gbà láti ọdún 2009 kéré débi pé ìdá 18 rẹ̀ kò lè di pẹ́ńṣàn tó ní ìtumọ̀ láàárín ọdún 15, pàápàá nígbà tí owó ọjà ń sáré ju èrè àkáǹtì lọ. ₦7,400 tó kù yẹn ni abala 84 wà fún. Kò sí òṣìṣẹ́ tàbí agbanisíṣẹ́ tó lè pèsè rẹ̀ nígbà tí ọdún ti kọjá.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú wọn. Àkọ́kọ́ ni kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kó gba ₦1,064,000. Ìkejì ni kó má gbà á báyìí, kó fi í sílẹ̀ kó máa mú èrè wá, kó dúró de ìgbà tí ìlérí òfin yóò di owó. Ìkẹta ni kó fi owó tirẹ̀ kún un títí yóò fi tó; ìyẹn ò ṣeé ṣe fún un, ibo ni yóò ti rí mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ mìíràn?

Ìkejì ló wu Màmá. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti gba gbogbo owó rẹ̀ tán kò ní àkáǹtì tó lówó nínú mọ́, òfin sì sọ pé ẹni tó ní àkáǹtì ìfẹ̀yìntì ni ìlérí wà fún. Ìbẹ̀rù tó nídìí ni. Mo sọ fún wọn pé tó bá jẹ́ èmi ni mo ní ọmọ tó ń gbọ́ bùkátà mi, mo lè dúró. Bàbá ní, "Akọ̀wé, ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe mí. Oògùn oṣù kan, ₦18,000. Ta ni yóò máa rà á títí di ìgbà tí ìjọba bá dé?" Mi ò ní èsì fún un.

Ó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kó tó fọwọ́ sí i, a ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe. A kọ lẹ́tà sí PenCom lórí oṣù 43, a so ẹ̀dà ìwé owó oṣù kọ̀ọ̀kan àti ìwé àkáǹtì mọ́ ọn, a kọ nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní PEN, sórí gbogbo ojú ewé, a sì jẹ́ kí alámòójútó rẹ̀ lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwa. Gbígba owó tó wà nílẹ̀ kò pa gbèsè tó wà níta. Ohun tó bá wọlé lẹ́yìn náà, tirẹ̀ ni, wọn yóò sì san án fún un. PenCom ní àwọn agbowó-gbèsè tí wọ́n máa ń rán sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí kì í fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì máa ń yẹ ìwé gbogbo òṣìṣẹ́ wò tí wọ́n bá dé, kì í ṣe ti ẹni tó kọ lẹ́tà nìkan.

Bí ó ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n rí i pé àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ní àlàfo nínú àwọn oṣù kan náà. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti máa san gbèsè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Oṣù méjìlá nínú 43 ti Bàbá ló ti wọlé, pẹ̀lú ìtanràn wọn. Ní ti àwọn tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 34, ti gbé ìwé owó oṣù tirẹ̀ wá. Lórí tirẹ̀, owó oúnjẹ àti owó iṣẹ́ alẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ohun tó ń gbà.